Fífa ìbàdí wọlé níwọ̀nba láìjẹ́ kí férémù ilẹ̀kùn wọ́: àkọsílẹ̀ àtúnṣe fọ́tò kan

Fáìlì méjì ni obìnrin tó ni iṣẹ́ yìí fi ránṣẹ́ sí mi. Èkíní ni fọ́tò bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà. Èkejì ni èyí tí ẹnìkan ti bá a tún ṣe tẹ́lẹ̀, tó ti fa ìbàdí rẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ tó kọ tẹ̀ lé e kò gùn: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ìhà mi kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀kùn wọ́ báyìí mọ́. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń bi mí pé kí ló ṣe ilẹ̀kùn yẹn.”

Fọ́tò náà dúró lóòró, ó jẹ́ 4000 píkísẹ́lì ní fífẹ̀ àti 6000 ní gíga. Iwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, ni obìnrin náà dúró sí. Bí mo bá ní òsì tàbí ọ̀tún, bí àwa tó ń wo fọ́tò ṣe rí i ni mo ń wí. Férémù òsì jìnnà díẹ̀ sí ìbàdí rẹ̀, nǹkan bí 150 píkísẹ́lì, pákó ilẹ̀kùn nìkan ló sì wà láàárín wọn. Ní ọ̀tún, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ìgúnpá rẹ̀ yọ síta, férémù ọ̀tún sì gba ẹ̀yìn apá náà kọjá. A rí férémù yìí lókè apá, a tún rí i nínú àlàfo onígun mẹ́ta tó wà láàárín apá àti ìhà, a sì rí i lẹ́ẹ̀kan sí i nísàlẹ̀ ọwọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Nínú fáìlì kejì, férémù òsì tẹ̀ sí ọ̀nà ara rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ibi tí ìbàdí wà, lókè ibẹ̀ àti nísàlẹ̀ ibẹ̀ ó tọ́. Àmì tí mo máa ń kọ́kọ́ wá nìyẹn: bí ìlà kan bá tẹ̀ ní ibi tí ara ti tín-ín-rín, tó sì tọ́ ní gbogbo ibi yòókù, a ò nílò ẹ̀rí mìíràn. Ti ọ̀tún tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ègé férémù tó wà nínú onígun mẹ́ta ti sún sí òsì, kò sì bá ègé òkè àti ègé ìsàlẹ̀ dọ́gba mọ́. Ojú ènìyàn máa ń so ègé mẹ́ta yẹn pọ̀ di ìlà kan ṣoṣo láìrò ó, nítorí náà bí ọ̀kan bá kúrò nípò, ojú á mọ̀ pé nǹkan kan ò dáa, kódà bí ẹni tó ń wò ó kò bá lè sọ ohun náà.

Ìdí rẹ̀ rọrùn láti lóye. Liquify, irinṣẹ́ inú Photoshop tí wọ́n fi ń fa ara wọlé tàbí síta, kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn. Ohun tó wà lábẹ́ òbìrí búrọ́ọ̀ṣì ló ń sún, àárín òbìrí ni ó ń sún jù, etí rẹ̀ ló ń sún díẹ̀. Ó dà bí aṣọ tí a tẹ́ sórí tábìlì: bí o bá fi ìka fa ibì kan, ibi tó yí i ká á bá a lọ. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá fẹ̀ tó 600 píkísẹ́lì, tí a sì gbé àárín rẹ̀ lé etí ìbàdí, 300 píkísẹ́lì ló nà jáde sórí ilẹ̀kùn. Férémù tó wà ní 150 ti wà nínú òbìrí pátápátá. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ náà lè máà fọwọ́ kan férémù rárá lójú tirẹ̀, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Fáìlì kejì kò ṣe é tún ṣe. Píkísẹ́lì tó ti nà ti nà, nítorí náà láti orí fọ́tò àkọ́kọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Férémù fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Kí n tó dé ìbàdí, mo yẹ férémù inú fọ́tò àkọ́kọ́ wò. Lẹ́ńsì kámẹ́rà fúnra rẹ̀ a máa tẹ ìlà tó tọ́, pàápàá lẹ́ńsì tó ń kó ibi gbòòrò, ìlà tó bá sì sún mọ́ etí fọ́tò ló ń tẹ̀ jù. Mo fi Line Tool fa ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí férémù dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ní òsì àti ní ọ̀tún. Guide tí a ń fà jáde láti ara rúlà kò tó fún èyí, torí pé òòró gangan tàbí ìbú gangan nìkan ni a sábà máa ń fà á sí, férémù inú fọ́tò kì í sì í fi gbogbo ìgbà dúró ṣánṣán. Ní àárín, férémù òsì yọ síta kúrò lára ìlà pupa ní bíi píkísẹ́lì 5. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, lẹ́ńsì ló ṣe é. Filter > Lens Correction tún un ṣe, mo wá fa ìlà pupa méjèèjì lọ́tun, mo kó wọn sínú gúrúùpù kan lókè gbogbo ìpele yòókù. Títí iṣẹ́ fi parí, ìlà méjì yìí ni adájọ́ mi. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí lè máa dá Liquify lẹ́bi fún ohun tí lẹ́ńsì ṣe, tàbí kó tún wá fi Liquify tọ́ férémù, kí férémù wá máa gbọ̀n láti òkè délẹ̀.

Ó tó mélòó?

Ìbàdí náà fẹ̀ tó 860 píkísẹ́lì ní ibi tó ti tín-ín-rín jù. Nínú fáìlì kejì, nǹkan bí 100 ni wọ́n ti gé kúrò nínú rẹ̀. Mo pinnu pé 34 ni mo máa mú kúrò, 16 ní òsì, 18 ní ọ̀tún, ìyẹn bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fẹ́ tẹ fọ́tò náà jáde ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60, nítorí náà 100 píkísẹ́lì ló máa di sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé. 34 á jẹ́ mílímítà mẹ́ta àti díẹ̀. Lójú ẹni tó mọ obìnrin náà, èyí tó láti mú kí aṣọ dúró dáadáa lára rẹ̀, kò sì tó láti mú kí wọ́n bi í pé ṣé ó ṣàìsàn ni. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, egungun ìhà àti ìdí kò ní bá ara wọn mu mọ́, àfi kí a tún fa àwọn náà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń gbèrú.

Òsì: ibi tí àyè wà

Mo sọ fọ́tò náà di Smart Object pẹ̀lú Filter > Convert for Smart Filters, kí n lè padà sínú Liquify nígbàkígbà kí n bá ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Liquify, Shift+Ctrl+X.

Freeze Mask Tool ni mo kọ́kọ́ mú, F lórí kíbọ́ọ̀dù. Ibi tó bá kùn ti di pupa, kò ní rìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé férémù nìkan ni wọ́n ń kùn, wọ́n á sì dúró ní etí rẹ̀. Etí búrọ́ọ̀ṣì yìí rọ̀, kò gé ṣáká, píkísẹ́lì tí ó bá dì lápá kan á rìn lápá kan. Bí pupa bá parí sórí férémù gan-an, inú férémù á dúró, etí rẹ̀ á rìn. Nínú fọ́tò yìí, àlàfo dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín férémù àti pákó ilẹ̀kùn, kò ju píkísẹ́lì 10 lọ. Òun ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ tú àṣírí, torí pé bí ìlà dúdú bá fi píkísẹ́lì méjì péré yẹ̀ lórí ohun funfun, ojú á rí i. Nítorí náà mo kun férémù, mo kun àlàfo dúdú náà, mo tún fi bíi 20 kún un lórí pákó. Láti orí férémù dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kùn ún dé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ìbàdí nìkan.

Ohun tó kù láìdì láàárín pupa àti ìbàdí jẹ́ nǹkan bí 120 píkísẹ́lì. Àyè yìí ló máa nà kí ìbàdí lè wọlé. 120 á di 136. Pákó tí a fi ọ̀dà funfun kùn lè gbà á láìhàn. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ni pé kí àyè tí kò dì tó ìlọ́po mẹ́fà ohun tí mo fẹ́ fà, ó kéré tán. Bí kò bá tó, férémù á tọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ògiri tàbí ilẹ̀kùn tó wà láàárín á nà bí ohun tí wọ́n fi epo pa: àwọn èérún wẹ́wẹ́ tó wà nínú fọ́tò á pòórá níbẹ̀, ibẹ̀ á sì máa dán ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 100% ni a ti ń rí i, kì í hàn bí a bá dúró lókèèrè.

Forward Warp Tool ni mo fi fà á, Size 500, Density 40, Pressure 20. Èrò tó ń wá sọ́kàn ni pé búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló máa yẹra fún férémù. Òótọ́ ni pé ó máa yẹra fún un, ṣùgbọ́n á sọ ìhà di gbágungbàgun, nítorí pé ìtẹ̀ ìbàdí gùn láti abẹ́ egungun ìhà dé ìdí, a ò sì lè fi fífà wẹ́wẹ́ ya ìlà gígùn kan kó dán. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá, agbára kékeré, kí ohun tí a ti dì máa dá a dúró: ọ̀nà tèmi nìyẹn. Mo gbé àárín òbìrí lé etí aṣọ, mo fà á wọlé díẹ̀, mo gbé e sókè díẹ̀, mo tún fà á, títí ó fi pé 16 ní ibi tó jinlẹ̀ jù. Bọ́tìnnì tó tò sí àárín aṣọ rẹ̀ jìnnà ju 250 sí etí lọ, búrọ́ọ̀ṣì kò dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì tò gún bí wọ́n ṣe wà.

Ohun kan wà lórí pákó náà tí mi ò lè dì, tí ó sì ṣe pàtàkì kí n dúró sórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ní ihò gbọọrọ kan tí wọ́n gbẹ́ sí i níbùú, ní ìwọ̀n gíga ìbàdí, ó ti ibi férémù wá wọ ẹ̀yìn obìnrin náà. Bí mo bá dì í, ibi tó ti kan aṣọ á dì pẹ̀lú rẹ̀, ìbàdí kò sì ní lè wọlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pọndandan kí a dì í. Bí a bá sún píkísẹ́lì lọ sí ọ̀nà kan náà tí ìlà ń tọ̀, ìlà náà kò ní tẹ̀, torí pé píkísẹ́lì ìlà ló ń rọ́pò píkísẹ́lì ìlà. Ìgbà tí a bá sún un kọjá ìlà ni ó ń tẹ̀. Ìdí nìyí tí fífà níbùú fi ń ba férémù jẹ́, tí kì í sì í ba ìlà ibùú jẹ́ rárá. Nítorí náà, ní ẹ̀gbẹ́ ihò yìí, ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ gòkè, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ ibi kan, mo di Shift mú, mo tẹ ibi kejì tó wà ní ìwọ̀n gíga kan náà, Liquify fúnra rẹ̀ sì fà á gún láàárín méjèèjì. Ọ̀nà kan náà ni fún ìlà táìlì tàbí ilẹ̀ tó ń sá lọ sókèèrè: ọ̀nà tí ìlà náà dojú kọ ni kí a fà á sí, kódà bó bá dagun.

Nígbà tí mo rí i pé ó ti pọ̀ díẹ̀ jù, bọ́tìnnì Reconstruct ni mo tẹ̀, mo dá a padà sí 90. Mi ò fi Opacity ìpele dín in kù. Bí a bá dín Opacity Liquify kù, etí tuntun àti etí àtijọ́ á hàn pọ̀, ìhà á ní etí méjì, ọ̀kan á máa ṣe bí òjìji lẹ́yìn èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a bá fi àwọ̀ eérú kun mask tó wà lára Smart Filter, ìyẹn ìbòjú tó ń pinnu ibi tí iṣẹ́ Liquify ti máa hàn, ní ibi tí nǹkan ti rìn. Dúdú tàbí funfun ni kó jẹ́ níbẹ̀, kí ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé sì wà níbi tí ohunkóhun kò rìn.

Ọ̀tún: ibi tí àyè kò sí

Nínú onígun mẹ́ta yẹn, 40 píkísẹ́lì péré ló wà láàárín ìhà àti férémù, mo sì fẹ́ fa 18. Kò tó ìlọ́po mẹ́ta. Dídì nìkan kò lè gbà á là, nítorí náà mo ya ara kúrò lára ilẹ̀kùn.

Mo pa ojú ìlà pupa dé ná, mo kó ohun tí mo ti ṣe jọ sórí ìpele tuntun pẹ̀lú Ctrl+Alt+Shift+E, mo sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan. Èyí tó wà lókè ni ènìyàn, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ilẹ̀kùn. Lórí ti òkè, mo fi Select Subject mú obìnrin náà, mo wọ Select and Mask, mo fi ọwọ́ tún inú onígun mẹ́ta ṣe, torí pé kọ̀ǹpútà sábà máa ń ka irú àlàfo bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ènìyàn. Mo wá sọ ọ́ di layer mask.

Ìpele ìsàlẹ̀ kò nílò kí a pa gbogbo obìnrin náà rẹ́. 18 píkísẹ́lì ló máa ṣí sílẹ̀, nítorí náà ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ bíi 60 ní inú etí ìhà ni mo yàn, mo sì lo Edit > Content-Aware Fill. Níbẹ̀, àwọ̀ ewé ń fi ibi tí ètò náà ti máa mú ohun tó fẹ́ fi dí àyè náà hàn. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè mú ègé férémù tàbí ègé aṣọ wá sínú ọ̀já náà. Sampling Brush ni mo fi nu àwọ̀ ewé kúrò lórí férémù àti lórí ara, mo fi sílẹ̀ lórí pákó nìkan. Kódà lórí pákó, ìwọ̀nba ibi tí òjìji rẹ̀ bò ni mo fi sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ti òsì wá, òjìji rẹ̀ sì sùn sórí ilẹ̀kùn ní ọ̀tún. Bí pákó tó mọ́lẹ̀ bá wọ ibi tí ìhà fi sílẹ̀, ìlà funfun kan á là láàárín ara àti òjìji, á wá dà bí ẹni tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ògiri.

Kí n tó ṣí Liquify lórí ìpele òkè, mo sọ òun náà di Smart Object pẹ̀lú mask rẹ̀ nínú. Ìgbésẹ̀ yìí ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí mask bá wà níta, ara nìkan ni Liquify máa sún, mask á dúró sí ibi tó wà, pákó àtijọ́ á sì bá ara wọlé sínú mask náà, pẹ̀lú ègé férémù tó ti wọ́. Bí mask bá wà nínú, etí á bá ara lọ. Nínú Liquify, mo tan Show Backdrop, mo yan ìpele ìsàlẹ̀, mo fi Mode sí Behind, kí n lè máa rí férémù gidi bí mo ṣe ń fà.

Ohun tí mo dì níbí ni apá àti ọwọ́, torí pé férémù kò sí lórí ìpele yìí mọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ aṣọ wọlé díẹ̀ lókè ìdí, aṣọ sì ká jọ lábẹ́ rẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Bí ìhà bá wọlé ní ibi tí àtàǹpàkò wà, tí ọwọ́ sì dúró, ìká aṣọ yẹn á nà, ọwọ́ á sì dà bí ohun tó léfòó. Nítorí náà agbede-méjì abíyá àti àtàǹpàkò ni mo ti fa 18, mo sì jẹ́ kó dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di òdo kó tó dé ọwọ́.

Mo retí kí etí funfun yọ yí aṣọ rẹ̀ tó dúdú ká, bó ṣe máa ń rí bí a bá gé ènìyàn kúrò níbì kan. Kò yọ, nítorí pé orí ilẹ̀kùn kan náà tó ti wá ni mo gbé e padà sí. Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò

Mo gbé ìlà pupa méjèèjì jáde. Férémù òsì bá tirẹ̀ mu láti òkè dé ilẹ̀. Ègé mẹ́ta ti ọ̀tún jókòó sórí ìlà kan náà. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe àyẹ̀wò tí kì í purọ́: mo gbé fọ́tò àkọ́kọ́ tí a ti tún lẹ́ńsì rẹ̀ ṣe lé orí gbogbo rẹ̀, mo yí blending mode rẹ̀ sí Difference, mo fi Levels mú un mọ́lẹ̀ gan-an. Ibi tó dúdú pátápátá kò yí padà rárá. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ ti rìn. Ìhà méjèèjì mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ, férémù dúdú, ṣùgbọ́n ojú ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan wà lábẹ́ abíyá ọ̀tún, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ńlá náà ti fa etí apá díẹ̀. Mo padà sínú Liquify, mo fi Reconstruct Tool fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, ó padà sí ipò rẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà rí i, ó béèrè bóyá òkè apá ọ̀tún náà lè dín díẹ̀. Ibẹ̀ yàtọ̀, torí pé férémù ló wà lẹ́yìn apá gangan, ibi tí apá bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ férémù, Content-Aware Fill kò sì ṣe é fọkàn tán láti ya férémù. Mo yan ègé férémù tó mọ́ lókè apá lórí ìpele ìsàlẹ̀, mo fi Ctrl+J yọ ọ́ sọ́tọ̀, mo sún un wálẹ̀ lórí ìlà pupa títí ó fi bo ibi tí apá máa ṣí. Férémù náà ń fẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà mo tẹ Ctrl+T, mo di Ctrl mú, mo fa igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde títí ó fi bá ègé inú onígun mẹ́ta mu. Apá wá wọlé ní píkísẹ́lì 8. Mo sọ fún un pé mi ò ní kọjá ibẹ̀, nítorí pé ìgúnpá àti òjìji rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ síra, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

TIFF ni mo fi ránṣẹ́ fún ìtẹ̀wé. PSD wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú Liquify méjèèjì láìtẹ̀ wọ́n pọ̀, ìlà pupa sì wà nínú gúrúùpù rẹ̀, mo kàn pa ojú rẹ̀ dé.